Bí a ṣe ń ṣe ìbéèrè àkàyé tí ọmọ kò lè fi àdàkọ dáhùn

*Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kékeré ọdún kẹta ní Ọ̀fà. Tí mo bá fún wọn ní àkàyé, wọ́n á kàn wá gbólóhùn tó jọ ìbéèrè mi nínú àyọkà, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á sì gba gbogbo máàkì. Èyí tí kò lóye nǹkan kan náà ń gbà á. Báwo ni mo ṣe lè béèrè ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ síta, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe lò ó, àti ìdí tó fi kọ ọ́, tí kò ní jẹ́ pé ọmọ kàn ń méfò?*

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bi àwọn ọmọ yẹn kọ́. Ohun tí ìbéèrè ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Ẹ wo gbólóhùn tí mo fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ há yìí: "Láàárọ̀ ni àwọn pàkọ́rọ̀ máa ń gbé jìgìnì wọ̀lú." Tí mo bá wá béèrè pé, "Ìgbà wo ni àwọn pàkọ́rọ̀ máa ń gbé jìgìnì wọ̀lú?", ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ pàkọ́rọ̀, ẹ kò mọ ohun tó ń jẹ́ jìgìnì. Ìbéèrè tí ènìyàn lè dáhùn láìmọ ohun tí wọ́n ń sọ, ojú ló ń dán wò, kì í ṣe òye. Irú rẹ̀ kò burú tó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú mẹ́wàá, torí ó ń fún ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà ní ibi tó máa fẹsẹ̀ lé. Tí gbogbo ìbéèrè bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ sọ yẹn ló máa ṣẹlẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà di àsọlásán, mo kọ àyọkà kan tí a jọ máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Kò gùn jù fún kíláàsì yín. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ni:

"Láàárọ̀ ni àwọn obìnrin Fúlàní máa ń gbé wàrà wọ ìlú Ìlọrin. Láti òru ni wọ́n ti gbé omi ọmú màlúù ka iná, tí wọ́n ti gún ewé bọmubọmu, tí wọ́n sì ti fún omi rẹ̀ sí i. Bó bá pẹ́ díẹ̀ lórí iná, yóò dì, kò ní ṣàn bí omi mọ́. Wọ́n á wá bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi ara rẹ̀ lè ro jáde.

Ìyá Àlímọ̀, tó máa ń rà á lọ́wọ́ wọn tà ní Ọjà Ọba, kì í da omi yẹn nù. Inú rẹ̀ ni wàrà rẹ̀ máa ń wà látàárọ̀, abẹ́ ibòji ló máa ń gbé e sí, ó sì máa ń fi ọmọrí dé e. Bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, á gbé epo ka iná, á sì din gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù, kò ní ku ẹyọ kan ní funfun.

Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin tí à ń rà á ńkọ́? A ó rà á láàárọ̀, a ó ní kí wọ́n ro omi rẹ̀ dànù kó má baà wúwo. A ó dì í sínú ọ̀rá, a ó so ọ̀rá náà pinpin, a ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn. Tí a bá délé tó bá ti ń rùn, a ó ní ẹni tó tà á fún wa ló tà wá ní èyí tó ti bàjẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe kọ àyọkà náà, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tí òǹkọ̀wé bá ti sọ ohun gbogbo tán, kò sí ohun tí ẹ máa rí béèrè ju èyí tó sọ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìpínrọ̀ kejì, gbólóhùn kan wà ní ìparí rẹ̀ pé: "Ìdí nìyí tí wàrà tó ń tà láàárọ̀ fi máa ń jẹ́ tuntun." Mo yọ ọ́. Àyè tí mo yọ ọ́ kúrò yẹn ni ibi tí ìbéèrè máa wọlé sí. Bí ẹ bá mú àyọkà láti inú ìwé kan, ẹ wá ibi tí òǹkọ̀wé ti lo "nítorí náà", "ìdí nìyí tí", "kí ó má baà" tàbí "èyí fi hàn pé". Níbẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ ṣe. Ẹ yọ ẹyọ kan tàbí méjì nínú irú wọn, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ kí àyọkà má baà gé wélewèle. Ẹ sì rí i dájú pé ohun tí ẹ yọ ṣì ní àmì méjì, ó kéré tán, tó ń tọ́ka sí i níbòmíràn. Bí àmì kò bá sí, ìméfò ni ẹ ń béèrè. Bó bá jẹ́ àmì kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè pẹ́kípẹ́kí, a tún ti padà sídìí àdàkọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ síta. Ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni: "Kí nìdí tí Ìyá Àlímọ̀ fi máa ń din wàrà tó bá ṣẹ́ kù?" Ó dùn ún gbọ́, kò sí gbólóhùn tó dáhùn rẹ̀ tààrà, ó sì jọ ìbéèrè òye. Àmọ́ ẹ lọ bi ọmọ Ìlọrin kan tí kò rí àyọkà yìí rí. Á ní, "Kó má baà bàjẹ́ ni." Wọ́n ń ra wàrà nílé wọn, ó mọ̀ bó ṣe ń kan. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti ìlú tí wọn kì í ti í jẹ wàrà lè ka àyọkà náà yékéyéké kó má rí i dáhùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ọjà ni ìbéèrè yẹn ń fún ní máàkì, kì í ṣe ẹni tó kàwé. Àṣìṣe yìí pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ àwa tí à ń fi nǹkan àdúgbò ṣe àyọkà, nítorí a fẹ́ kí ọmọ kà nípa ohun tó mọ̀, a sì gbàgbé pé ohun tó ti mọ̀ náà lè bá a dáhùn ìbéèrè. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti fi mú un kò le: ẹ fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní ìbéèrè nìkan, láìfún wọn ní àyọkà. Ìbéèrè tí wọ́n bá gbà láìkà, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ jù ú nù.

Ẹ wá wo èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀:

"Ẹnìkan ra wàrà funfun lọ́wọ́ Ìyá Àlímọ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ìgbà wo ni a lè gbà pé wọ́n sè é?
(a) àárọ̀ ọjọ́bọ̀
(b) agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀
(d) òru tó mọ́jú ọjọ́ Jímọ̀
(e) kò sí bí a ṣe lè mọ̀, òǹkọ̀wé kò sọ ọ́"

(d) ni ìdáhùn. Kó tó lè dé ibẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ mú nǹkan méjì pọ̀: òru ni wọ́n máa ń gbé e ka iná, ìyẹn wà ní ìpínrọ̀ kìíní; funfun kankan kì í kù di ọjọ́ kejì lọ́dọ̀ Ìyá Àlímọ̀, ìyẹn wà ní ìpínrọ̀ kejì. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ "Jímọ̀" ti jáde nínú àyọkà, ojú kò lè wá a rí. Ẹni tó ti ń jẹ wàrà láti kékeré kò sì lè dáhùn rẹ̀ láìkà á, torí ọ̀rọ̀ Ìyá Àlímọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wàrà lápapọ̀.

Ẹ tún wo àwọn ìdáhùn òdì yẹn, torí àwọn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ jù. N kò kàn tò wọ́n kí wọ́n lè pé mẹ́rin. Ọmọ tó bá mú (a) ti rí ìpínrọ̀ kìíní, àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ díndín kún un, ó rò pé ti àná lè kù. Èyí tó bá mú (b) kò kà á rárá, agogo kan ṣoṣo tó wà nínú àyọkà ni ojú rẹ̀ bá pàdé tó fi já a. Èyí tó bá mú (e) mọ ìwé kà, ó sì lè jẹ́ ọmọ tó mọṣẹ́ gan-an, àmọ́ wọ́n ti kọ́ ọ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé kò sí. Ìtọ́jú tí àwọn mẹ́ta yìí nílò kò papọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máàkì ìwé wọn ti mọ ohun tó ń ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wọ kíláàsì. Bí ẹ kò bá lè sọ irú ìkàkíkà tó máa gbé ọmọ dé ibi ìdáhùn òdì kan, ìdáhùn náà kò wúlò níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìbéèrè tí ọmọ máa kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ẹ fún un ní máàkì méjì, kí ẹ sì pín in: ọ̀kan fún ohun tó sọ, ọ̀kan fún ibi tó ti rí i. Ẹ béèrè báyìí: "Lójú òǹkọ̀wé, ẹ̀bi ta ni bí wàrà bá bàjẹ́ kó tó délé? Mú ohun méjì nínú àyọkà tó jẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ẹ̀bi àwa tí à ń rà á ni. Ohun tó fi hàn ni pé a da omi rẹ̀ nù, a sì gbé e sínú oòrùn, nígbà tí Ìyá Àlímọ̀ ń tọ́jú tirẹ̀ sínú omi àti ibòji tí kì í fi í bàjẹ́. Ọmọ tó bá da gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kọ á sọ pé ẹni tó tà á ló jẹ̀bi, torí ọ̀rọ̀ "bàjẹ́" ibẹ̀ ló jọ ti ìbéèrè jù. Ibí ni ẹ ti máa mọ ẹni tó ń dà á kọ àti ẹni tó yé. Nínú ìtọ́sọ́nà tí ẹ máa fi máàkì, ẹ kọ àmì gbogbo tí ẹ máa gbà sílẹ̀ kí ẹ tó fún wọn ní ìdánwò, kó má baà di pé èyí tí ẹ máàkì lálẹ́ rí máàkì ju èyí tí ẹ máàkì láàárọ̀ lọ.

Ohun kan tún máa ń ṣẹlẹ̀ níbí. Ọmọ míì máa ń fa ọ̀rọ̀ yọ ju bó ṣe yẹ lọ: á ní Ìyá Àlímọ̀ lówó, tàbí pé kò ní fíríìjì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun kan nínú àyọkà tó gbé e dúró. Ẹ má fún un ní máàkì, àmọ́ ẹ má kàn fa igi sí i lásán. Ẹ bi í pé, "Fi ọwọ́ lé ibi tí o ti rí i." Bó bá wá a tì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta á ti máa wá a fúnra rẹ̀ kó tó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ó kan ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó mú ọ̀rọ̀ tó le jù nínú àyọkà, a ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ohun tí bọmubọmu jẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á sọ pé ewé ni, torí "ewé" ló ṣáájú rẹ̀. Ìkíní kò kàwé, ìkejì dà á kọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká béèrè ni ọ̀rọ̀ kékeré tí gbogbo wọn mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ní ìtumọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, tí òǹkọ̀wé sì lo èyí tí kì í kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Yorùbá kún fún irú rẹ̀. "Fún" wà ní ìpínrọ̀ kìíní, èyí tí ọmọ mọ̀ ni ká fún ènìyàn ní nǹkan, èyí tó wà níbẹ̀ ni ká fún omi jáde lára ewé. "Dì" náà wà níbẹ̀, òun ni mo mú:

"Bó bá pẹ́ díẹ̀ lórí iná, yóò dì." Kí ni "dì" túmọ̀ sí níbí?
(a) yóò di yìnyín
(b) yóò ki, yóò sì le pọ̀
(d) wọn yóò so ó bí ẹrù
(e) yóò gbẹ, yóò sì dín kù

(b) ni. (a) jẹ́ "dì" ti inú fíríìjì, èyí tí àwọn ọmọ òde òní mọ̀ jù, àmọ́ "lórí iná" tó wà nínú gbólóhùn náà ti lé e jáde. (d) jẹ́ "dì" ti ẹrù, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ lò ó ní ìpínrọ̀ kẹta, "a ó dì í sínú ọ̀rá", kí ọmọ tó bá lọ wá ọ̀rọ̀ náà níbòmíràn nínú àyọkà lè ṣìnà. (e) kì í ṣe ìtumọ̀ "dì" rárá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi lórí iná ni. Ó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń lo ìmọ̀ ilé ìdáná dípò gbólóhùn. Àmì tó gbé ìdáhùn náà dúró kò jìnnà: "kò ní ṣàn bí omi mọ́". Mo fẹ́ kí àmì irú ìbéèrè yìí wà nínú gbólóhùn yẹn gan-an tàbí nínú èyí tó ṣáájú tàbí tó tẹ̀ lé e. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò dán ọ̀rọ̀ wò mọ́. Bí ẹ bá ti kọ ìbéèrè náà tán, ẹ fi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan rọ́pò ọ̀rọ̀ náà nínú gbólóhùn, kí ẹ kà á sókè. Èyí tí etí bá ti kọ̀ kí òye tó dé ibẹ̀, ẹ tún un kọ. Ẹ sì wo gígùn wọn. Àwa olùkọ́ máa ń mú ìdáhùn tó tọ̀nà gùn ju ìyókù lọ nítorí a fẹ́ kó pé, àwọn ọmọ ti mọ ìyẹn nípa wa tipẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì ohùn ṣeré nínú ìbéèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. "Di", "dí" àti "dì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ẹ bá gbé ìbéèrè fún ẹni tó máa bá yín tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, tó bá dá a padà láìní àmì, "yoo di" lè jẹ́ pé nǹkan máa di nǹkan míì, ó lè jẹ́ pé ihò máa dí. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan nílé ti wá ní mẹ́ta ní kíláàsì. Bí ẹ kò bá ráàyè tún gbogbo ìwé náà ṣe, ẹ fi bírò fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ tí ẹ fà lábẹ́ àti àwọn ìdáhùn rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè náà wà níbẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ yín. Ìbọ̀lọ́ ni wọ́n ń sọ nílé ní Ọ̀fà, ọmọ tó ti Òmù-Àrán tàbí Ìlá wá ń sọ Ìgbómìnà, ti Ìlọrin náà ní tiẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ béèrè bá ní ìtumọ̀ míì nílé àwọn kan, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá òmíràn. Bí ọmọ bá sì fi ẹ̀ka èdè ilé rẹ̀ kọ ìdáhùn tó tọ̀nà nínú àkàyé, mo gbà pé kí ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ pé pérépéré. Ohun tí ẹ ń wò níbí ni pé ṣé ó yé e. Àkọtọ́ àti Yorùbá àjùmọ̀lò ní ibi tí a ti ń wò wọ́n.

Ìdí tí òǹkọ̀wé fi kọ ọ́ ló máa ń bà wá lẹ́rù jù, òun náà ni a máa ń ṣe báṣubàṣu jù. A ó béèrè pé, "Kí ni èrò òǹkọ̀wé?", ọmọ á kọ pé, "Láti kọ́ wa lọ́gbọ́n", a ó fún un ní máàkì. Ìdáhùn yẹn bá gbogbo àyọkà ayé mu, nítorí náà kò sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà níwájú rẹ̀. Bákan náà ni "láti dá wa lára yá". Àbùkù ìbéèrè ni. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: ta ni òǹkọ̀wé ń bá sọ̀rọ̀, kí ló sì fẹ́ kí onítọ̀hún ṣe tàbí kó gbà lẹ́yìn tó bá kà á tán? Mo kọ tiwa báyìí:

"Èwo ló sún mọ́ ìdí tí òǹkọ̀wé fi kọ àyọkà yìí jù?
(a) kí a lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà
(b) kí a lè mọ Ìyá Àlímọ̀ sí oníṣòwò tó mọṣẹ́
(d) kí àwa tí à ń ra wàrà lè rí i pé ọwọ́ wa ló ti ń bàjẹ́
(e) kí a lè ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta wàrà tí kò dára"

Òótọ́ ni (a), àmọ́ ti ìpínrọ̀ kìíní nìkan. Òótọ́ ni (b), ti ìkejì nìkan. (e) wá láti inú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tí àwa oníbàárà máa ń sọ ni òǹkọ̀wé ń tún sọ, kì í ṣe ohun tí òun gbà. (d) nìkan ló gba ìpínrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú. Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyẹn: ìdáhùn òdì kọ̀ọ̀kan wá láti inú apá kan ṣoṣo, ìdáhùn tó tọ̀nà ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Torí náà ni mo ṣe fi "sún mọ́ jù" sínú ìbéèrè, nítorí ọmọ tó bá sọ pé (a) náà wà nínú àyọkà kò purọ́. N kò sì fi orúkọ Fúlàní sínú (e). Àwọn ọmọ Fúlàní wà nínú kíláàsì wa, kò dáa kí orúkọ ìran wọn máa jáde nínú ìdáhùn tó ń fẹ̀sùn kan ènìyàn, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé ìdáhùn òdì ni.

Ìbéèrè tó kan odidi àyọkà dára, àmọ́ èyí tó kan apá kan rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ṣòro láti fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ dáhùn. Ẹ béèrè pé: "Bí a bá yọ ìpínrọ̀ kejì kúrò, kí ni òǹkọ̀wé máa pàdánù?" Ìdáhùn tí ẹ ń retí ni pé kò ní sí ohun tó máa fi hàn pé wàrà kan náà lè wà ní ọjà látàárọ̀ dalẹ́ kó má bàjẹ́, a ó sì lè sọ pé bí wàrà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tàbí kí ẹ béèrè pé: "Kí nìdí tí òǹkọ̀wé fi kọ 'èmi àti ẹ̀yin', tí kò kọ 'ẹ̀yin' nìkan?" Ọmọ tó bá sọ pé ó fi ara rẹ̀ kún un kó má baà dà bí ẹni ń bá wa wí, ó ti gbọ́ ohùn òǹkọ̀wé. Bí ẹ bá ń kọ́ wọn, ẹ fi "Ṣùgbọ́n" àti "ńkọ́?" tó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kẹta hàn wọ́n. Láti "wọ́n" ni òǹkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí "ó", ó wá já sí "a". Ibi tí òǹkọ̀wé bá ti yí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà báyìí, níbẹ̀ ni èrò rẹ̀ sábà máa ń wà.

Bí ẹ bá ti kọ gbogbo ìbéèrè tán, ẹ kà wọ́n láti òkè délẹ̀ bí ẹni tí kò rí àyọkà. Ìbéèrè kan máa ń tú àṣírí òmíràn. Bí ìbéèrè kẹta bá sọ pé, "Ìyá Àlímọ̀ tó ń din wàrà kó má baà bàjẹ́, ọjà wo ló wà?", ó ti dáhùn èyí tó kàn. Ẹ fi ìbéèrè ìdí tí òǹkọ̀wé fi kọ ọ́ sí ìparí, torí kò sí bí ọmọ ṣe lè dáhùn rẹ̀ dáadáa kó tó mọ ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá máàkì tán, ẹ má tíì dá ìwé padà. Ẹ to ìwé wọn láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé orí ẹni tó gba kékeré jù, ẹ mú mẹ́wàá lókè, ẹ mú mẹ́wàá nísàlẹ̀, kí ẹ wá mú ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Ká ní àwọn mẹ́jọ gba ìbéèrè "ọjọ́ Jímọ̀" yẹn lókè, tí mẹ́ta gbà á nísàlẹ̀, ìbéèrè náà ń ṣiṣẹ́. Bí mẹ́sàn-án bá gbà á lókè tí mẹ́sàn-án gbà á nísàlẹ̀, ó ti rọ̀ jù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má kà á kí wọ́n tó gbà á. Bó bá jẹ́ mẹ́rin ló gbà á lókè tí mẹ́fà gbà á nísàlẹ̀, ẹ lọ ka ìbéèrè náà dáadáa, torí ó ṣeé ṣe kí àwọn tó mọ̀wé ti rí ìtumọ̀ kejì tí ẹ̀yin kò rí. Ẹ pè ọ̀kan nínú wọn, ẹ ní kó ṣàlàyé bó ṣe rò ó. Bí àlàyé rẹ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú àyọkà, ẹ fún gbogbo àwọn tó mú un ní máàkì.

Ẹ ka iye ọmọ tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan náà. Nínú kíláàsì tó ní ogójì ọmọ, ìdáhùn òdì tí ẹnikẹ́ni kò mú, tàbí tí ẹyọ kan péré mú, ti kú. Ọmọ ti rí i pé kò lè jẹ́ òun, ìbéèrè oní-mẹ́rin sì ti di oní-mẹ́ta láìmọ̀. Kí ẹ tó tún lo ìbéèrè yẹn ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ kọ níbi tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn dáhùn. Àṣìṣe tí ẹ bá rí tó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ níbẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò ìdáhùn tó kú.